Linux wo ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbé sórí láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere?

Ìbéèrè: Àbúrò, láptọ́ọ̀pù méjì ni mo fi ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lágere. Windows 10 tí Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀ ló wà lórí méjèèjì, ráàmù wọn ò ju gíìgì 4 lọ, wọn ò sì gba Windows 11. Ẹnìkan ní kí n gbé Fedora, òmíràn ní Ubuntu, ẹnìkẹta ní Arch. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú Linux Mint, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Xfce, torí kì í jẹ ráàmù púpọ̀. Fedora dáa, èmi gan-an ń lò ó nílé, àmọ́ bíi oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni tuntun rẹ̀ ń jáde, wọn kì í sì í tún ọ̀kan ṣe ju nǹkan bí oṣù 13 lọ. Ẹ ó kàn máa ra dátà láti fi pààrọ̀ rẹ̀ ni. Orí Ubuntu 24.04 ni wọ́n gbé Mint 22 lé, títí di 2029 ni wọn ó sì máa tún un ṣe. Bó ṣe rí lónìí náà ló máa rí lẹ́yìn ọdún kan. Ohun tí mo ń pè ní ìdúróṣinṣin fún ilé ìtẹ̀wé nìyẹn. Ní ti Arch, ẹ jẹ́ kó dúró de ẹni tí kò ní oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà.

Ubuntu fúnra rẹ̀ máa wúwo lórí gíìgì 4. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ táwọn èèyàn ti kọ fún Ubuntu 24.04 máa ń ṣiṣẹ́ lórí Mint 22. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo nọ́ńbà tó wà lára ìdáhùn kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Èyí tí wọ́n kọ fún 16.04 lè da nǹkan rú.

Ẹ má tíì kan láptọ́ọ̀pù kejì o. CorelDRAW kò ní ti Linux, bí ẹ bá sì ń fi ṣe káàdì ìpè, ẹ fi Windows sílẹ̀ lórí ọ̀kan, kí ẹ má máa fi lọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ti títẹ iṣẹ́, LibreOffice á ṣí fáìlì Word, àmọ́ bí lẹ́tà Calibri ò bá sí níbẹ̀, ojú ìwé lè sún kúrò ní ààyè rẹ̀. Carlito ni ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀, torí ìbú lẹ́tà wọn dọ́gba. Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ èyí síbẹ̀:

```
sudo apt install fonts-crosextra-carlito
```

Ìbéèrè: Mo ti gbé e sórí fíláàṣì, mo sì tàn án wò láì tíì pa Windows rẹ́. Wáìfáì ò hàn rárá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP P1102 mi hàn ní tiẹ̀, ó ń gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ò jáde.

Ìdáhùn: Ó dáa tó jẹ́ pé orí fíláàṣì lẹ ti rí i. Ẹ kọ́kọ́ wo irú wáìfáì tó wà nínú ẹ̀rọ náà:

```
lspci | grep -i network
```

Bí ẹ bá rí Broadcom níbẹ̀, dírábà rẹ̀ ló kù. Ẹ fi okùn so fóònù yín mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ sì tan USB tethering lórí fóònù, íńtánẹ́ẹ̀tì á wọlé láìsí wáìfáì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Driver Manager, kí ẹ mú èyí tó kọ recommended sí lára. Debian náà dúró gbọnin bíi Mint, àmọ́ torí irú ojú ibi tí a ti ń mú dírábà yìí tí kò sí níbẹ̀ ni mi ò ṣe dárúkọ rẹ̀ fún yín.

P1102 ní tirẹ̀ nílò ohun kan tí HP kì í jẹ́ kí wọ́n fi sínú Linux tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ èyí, kí ẹ sì gbà á nígbà tó bá béèrè:

```
hp-plugin -i
```

Bí ìwé bá jáde, ẹ lè wá gbé Mint wọlé pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì àwọn oníbàárà sórí ohun mìíràn, torí gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì lè pa rẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e wọlé tán, ẹ tún ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ohun tí ẹ ṣe lórí fíláàṣì kì í dúró.

Ìbéèrè: Ó ti wọlé, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ lánàá, iná lọ nígbà tó ń gba àtúnṣe, bátìrì mi sì ti kú tipẹ́. Báyìí kò gbà kí n fi nǹkan kan kún un mọ́, ó ń dárúkọ dpkg.

Ìdáhùn: Ó ti ṣe mí rí, kì í ṣe ẹ̀bi Mint. Agbedeméjì ló ti dúró. Ẹ jẹ́ kó parí ohun tó ń ṣe:

```
sudo dpkg --configure -a
sudo apt -f install
```

Bí iná bá tún lọ lọ́jọ́ mìíràn, tí kò sì tàn mọ́ rárá, Timeshift ló kù. Ẹ ṣí i lónìí, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣe àdàkọ ètò náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ó lè tan ẹ̀rọ náà láti orí fíláàṣì yẹn, kí ẹ sì dá a padà sí bó ṣe wà kí iná tó lọ. Fáìlì àwọn oníbàárà kò sí lára ohun tó ń dà kọ o, ibòmíràn ni kí ẹ tọ́jú ìyẹn sí. Nígbà tí iná jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí ni kí ẹ máa gba àtúnṣe.