Bí a ṣe ń ṣírò iye fọ́wọ́ọ̀dù dọ́là láti ara èlé owó méjì

Oníṣòwò kan láti Ọ̀fà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá ọ̀nà Táíwò, ní Ìlọrin, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ san $10,000 fún ẹ̀rọ ìṣe búlọ́ọ̀kù ní ọjọ́ 91 sí i. Báńkì kan ti ní àwọn yóò ta dọ́là náà fún un ní ₦1,590 lọ́jọ́ tí ọjọ́ bá pé, bó ti wù kí ọjà rí. (Mo ti yí àwọn iye yìí padà kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé.)

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣírò ó fúnra mi, ₦1,714 ló yẹ kó jẹ́. Wọ́n kàn ṣe mí lóore ni."

Mo ní kó mú bébà tó fi ṣírò ó wá. Mi ò tíì ka ìlà kẹta tán tí mo fi rí ibi tó ti ṣìnà.

Àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fọ́wọ́ọ̀dù: ẹ fẹnu kò sí iye kan lónìí, ẹ ó gba dọ́là náà lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé báńkì ń sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí dọ́là máa dé ni. Báńkì kò ṣe babaláwo. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ka iye tí yóò ná an láti tọ́jú dọ́là yẹn dè yín.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní dọ́là lónìí jẹ́ ₦1,500, èlé náírà jẹ́ 20% lọ́dún, èlé dọ́là jẹ́ 5% lọ́dún. Kí báńkì tó lè ní $10,000 ní ọjọ́ 91 sí i, kò nílò láti ra gbogbo rẹ̀ lónìí. Yóò ra $9,875.19, yóò fi í síbi tó ti ń gba èlé dọ́là, èlé náà yóò sì sọ ọ́ di $10,000 bí ọjọ́ bá pé. Kó tó lè rà á, ó ní láti wá ₦14,812,783. Ká ní ó yá owó yẹn ní 20%, ohun tí yóò san padà lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦15,551,393. Ẹ fi 10,000 pín in, ₦1,555.14 ni. Bí báńkì bá tà á lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èrè rẹ̀ nìyẹn. Bó bá tà á lówó tó kéré sí i, ẹlòmíì tó lè yá dọ́là yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rin ọ̀nà yìí sẹ́yìn, yóò sì jèrè láì fi ohunkóhun wewu. Ìdí nìyẹn tí iye náà kì í fi í jìnnà sí ibi tí èlé méjèèjì bá fi í sí.

Bí a bá kó gbogbo ìrìn yẹn sójú kan:

```
F = S × (1 + rN × d/365) / (1 + rD × d/360)
```

F ni iye fọ́wọ́ọ̀dù, S iye dọ́là lónìí, rN èlé náírà, rD èlé dọ́là, d iye ọjọ́. Ẹ kọ 20% sí 0.20. Ẹ ka ọjọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kàlẹ́ńdà, ẹ má kàn sọ pé oṣù mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Èlé tí wọ́n kọ sójú ìwé, ti ọdún kan gbáko ni. Ọ̀gbẹ́ni ará Ọ̀fà yìí fi 1.20 lé 1.05 lórí, ó pín in, ó sì fi 1,500 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦1,714.29. Èlé ọdún kan ló gbé lé owó tí kò lò ju ọjọ́ 91 lọ. Mo ti rí ẹni tó kàwé gboyè ṣe é, mo ti rí òṣìṣẹ́ báńkì náà ṣe é. Kí ẹ tó fọwọ́ kan S rárá, ẹ kọ́kọ́ gé èlé kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n ọjọ́ yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Náírà: 0.20 × 91/365 = 0.049863. Dọ́là: 0.05 × 91/360 = 0.012639. Ẹ rí i pé ọdún wọn kò dọ́gba: nínú òwò dọ́là, ọjọ́ 360 ni wọ́n ń ka ọdún sí. Ti náírà àti ti pọ́n-ùn jẹ́ 365. Ẹ má gé nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì kù sí méjì o, ẹ jẹ́ kó tó mẹ́fà. Casio àtijọ́ ni èmi ń lò, torí fóònù mi a máa pa ojú dé láàárín ìṣirò.

Ọ̀fìn kejì wà lábẹ́ èyí, ó sì fara pamọ́ jù ú lọ. Níbo lẹ ti rí 20% yẹn? Bó bá jẹ́ láti ara tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ìjọba, ẹ dúró ná. Ẹ̀dínwó ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe èlé lórí owó tí ẹ fi sílẹ̀. Bíìlì ₦100 ti ọjọ́ 91 ní ẹ̀dínwó 20%, ₦95.01 lẹ ó rà á, ẹ ó gba ₦100. Ẹ fi 95.0137 pín 100, ẹ ó rí 1.052480, kì í ṣe 1.049863. Èlé rẹ̀ gan-an lọ́dún ti kọjá 21%. Bí ẹ bá fi èyí ṣe é, fọ́wọ́ọ̀dù yóò di ₦1,559.02. Fún $10,000, ìyàtọ̀ náà ń lọ sí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì náírà. Bíìlì ìjọba Amẹ́ríkà náà, ẹ̀dínwó ni wọ́n ń kọ sí i, nítorí náà SOFR, ìyẹn èlé tí wọ́n fi ń yá dọ́là lọ́jà owó Amẹ́ríkà, ni èmi ń lò fún ẹ̀gbẹ́ dọ́là. Èlé gidi nìyẹn.

Nínú ìṣirò F yẹn, ẹ̀gbẹ́ wo ló ń wà lókè? Owó tí wọ́n fi ń díye lé dọ́là, ìyẹn náírà, ló ń wà lókè. Bí ẹ bá yí i padà, ₦1,446.82 lẹ ó rí, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni: owó tí èlé rẹ̀ ga jù ló máa ń fúyẹ́ sí i nínú fọ́wọ́ọ̀dù, kì í wúwo. Àyẹ̀wò tí mo ń fi orí ṣe ni pé kí n yọ èlé dọ́là kúrò nínú ti náírà, ó ku 15%. Ìdá mẹ́rin ọdún ni ọjọ́ 91, ó di 3.75%, 3.75% nínú ₦1,500 jẹ́ ₦56. Ó yẹ kí ìdáhùn wà ní àyíká ₦1,556. Ẹni tó bá rí ₦1,714 lẹ́yìn èyí, kó tún un kà.

Ohun kan kù tí ìṣirò kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi iye dọ́là lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ́njì ṣe S, kí ẹ wá fi èlé báńkì ṣe ìyókù. S gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí báńkì náà fi ń rí dọ́là rà ní tòótọ́. Bí dọ́là bá sì wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó lè rí i rà lónìí kó tọ́jú rẹ̀, ìrìn tí mo júwe lókè yẹn ti já, fọ́wọ́ọ̀dù ọjà lè jìnnà gan-an sí ohun tí Casio sọ.

Ẹni tiwa ti Ọ̀fà kọ ₦1,555 àti ₦1,559 sẹ́yìn ìwé báńkì náà, ó gbé e padà lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé. ₦1,570 ni wọ́n bọ́ sí. Ó pè mí láti ẹnu ọ̀nà báńkì pé ṣé kí òun tún dúró díẹ̀ sí i, mo ní kó fọwọ́ sí i kó máa bọ̀.