Bí a ṣe ń mọ èrè orí kóńgò kan nígbà tí owó àpò kò dúró sójú kan

Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tí a ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ni màá fi ṣàlàyé. Owó tí mo dá níbí kì í ṣe owó ọjà òní o. Mo mú un kí ìṣirò lè rọrùn ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi kóńgò yín wọn odidi àpò kan. Ẹ má tẹ̀lé iye tí ẹni tó tà á fún yín bá sọ. Ká ní ó jẹ́ kóńgò 32. Òkúta tí ẹ ṣà dànù àti èènì tí ẹ ń bù lé e fún oníbàárà lè gba odidi kóńgò kan níbẹ̀. Kóńgò 31 ni yóò mówó wọlé. Èènì ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà, bẹ́ẹ̀ owó wa ló ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ro gbogbo ìnáwó pọ̀. Àpò mẹ́rin ní ₦60,000 jẹ́ ₦240,000. Ọkọ̀ àti alábàárù gba ₦8,000. Ẹ pín ₦248,000 sí kóńgò 124, ó di ₦2,000. Bí ẹ bá ń tà á ní ₦2,400, èrè jẹ́ ₦400. Ẹ pín ₦400 sí ₦2,400 tí ẹ tà á, kì í ṣe sí ₦2,000 tí ó ná yín: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17 nínú 100. (Bí ẹ̀wà bá bá a wọ ọkọ̀ kan náà, ẹ pín owó ọkọ̀ sí iye àpò.)

Ibi tó ti ń dojú rú nìyí. Ó ku kóńgò 44 nílẹ̀, ẹ tún ra àpò méjì, àpò ti di ₦70,000, ọkọ̀ àti alábàárù sì gba ₦5,200. Ọjà ti dà pọ̀ mọ́ra nínú abọ́, ẹ ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti àná. Ẹ da owó náà pọ̀ bákan náà: kóńgò 44 ní ₦2,000 jẹ́ ₦88,000, ẹ fi ₦145,200 kún un, ó di ₦233,200. Kóńgò 44 àti 62 jẹ́ 106. Ẹ pín in, kóńgò kan di ₦2,200. Bí ẹ bá ṣì ń tà á ní ₦2,400, èrè ti já sí ₦200, ìyẹn bíi 8 nínú 100. Kí ó tó padà sí 17, ẹ gbọ́dọ̀ tà á ní ₦2,640.

Ọjọ́ tí ọjà tuntun bá wọlé ni kí ẹ tún un ṣírò, kì í ṣe ìparí oṣù.

Ṣùgbọ́n ₦2,200 yẹn lè tàn yín jẹ, torí ọjà àtijọ́ tí kò wọ́n tó ti tuntun wà nínú rẹ̀. Ọjà tuntun nìkan ti ná yín ní nǹkan bíi ₦2,342 lórí kóńgò kan. Nítorí náà, ẹ pe ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó dá owó. Ká ní ó ní àpò ti di ₦72,000: kóńgò 62 tí ẹ tà ní ₦2,400 yóò mú ₦148,800 wọlé, àpò méjì pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti alábàárù yóò sì gba ₦149,200.