Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Ẹ̀yáwó Ilé Tí Owó Oṣù Ìdílé Lè Gbé

Báńkì lè sọ iye tó fẹ́ yá yín fún yín, àmọ́ kò mọ iye tí yóò kù sí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti san án. Kò mọ òbí tí ẹ ń tọ́jú, kò sì mọ̀ pé oṣù kan lọ́dún ni owó ilé ìwé máa ń já lé yín lórí. Nítorí náà, ilé ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ ni iye tí ẹ lè san lóṣooṣù. Ara rẹ̀ ni ẹ máa ti wá yọ iye tí ẹ lè yá.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde nínú àkáǹtì yín láàárín oṣù 12 sẹ́yìn. Ẹ má ṣe fi orí rò ó, torí ìnáwó tí a bá gbàgbé ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. A ó fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ: àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ́ yá owó fi ra ilé, ọdún 20 ni wọ́n sì fẹ́ fi san án. A kò ní sọ irú owó tí wọ́n ń ná, torí ọ̀nà ìṣirò náà kò yàtọ̀ níbikíbi.

1. Owó tó ń wọlé gan-an

Owó tó dé ọwọ́ yín lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Bí owó ẹnì kan bá ń pọ̀ lónìí tó ń dín lọ́la, ẹ mú oṣù tó kéré jù nínú oṣù 12 yẹn. Ọ̀pọ̀ ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pín in sí 12, wọ́n á sì fi iye yẹn ṣírò. Ewu wà níbẹ̀, torí pé báńkì ò ní dúró de oṣù tó dára kó tó gba owó tirẹ̀. Ẹ̀bùn ìparí ọdún àti owó iṣẹ́ àṣekún tí kò dájú kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

Nínú àpẹẹrẹ wa, 400,000 ló ń dé ọwọ́ ìyàwó lóṣù, kì í sì í yí padà. Ọkọ ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Owó tirẹ̀ máa ń tó 250,000 lọ́pọ̀ oṣù, àmọ́ ó já sí 200,000 ní oṣù tó burú jù. Iye tí a ó kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì ni 600,000.

2. Ohun tó ń kù

Oúnjẹ, ọkọ̀ wíwọ̀, iná, fóònù, owó tí ẹ ń fún ẹbí àti owó ilé tí ẹ ń san lọ́wọ́lọ́wọ́: ẹ ro gbogbo wọn pọ̀. Ti tọkọtaya yìí jẹ́ 330,000, tí 70,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ilé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn ìnáwó tí kì í wá lóṣooṣù. Ibí yìí ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń yẹ̀. Owó ilé ìwé, ìnṣọ́ránsì, àtúnṣe ọkọ̀, ayẹyẹ: ẹ kó gbogbo èyí tó wáyé láàárín ọdún kan jọ, kí ẹ pín in sí 12. Fún tọkọtaya wa, 480,000 ni lọ́dún, èyí tó jẹ́ 40,000 lóṣù. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo oṣù ni owó ń ṣẹ́ kù lórí ìwé, síbẹ̀ tí àkáǹtì yín kì í pọ̀ sí i, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé irú ìnáwó yìí ni ẹ kò kọ.

Gbèsè tí wọ́n ń san lọ́wọ́ jẹ́ 30,000, wọ́n sì ń fi 50,000 pamọ́. Gbogbo ohun tó jáde jẹ́ 450,000, ó ku 150,000.

Wọn kò ní san owó ilé mọ́ tí wọ́n bá ti kó sínú ilé tiwọn, nítorí náà a dá 70,000 padà, ó di 220,000. Àmọ́ onílé ló ń tún òrùlé ṣe, òun ló sì ń san ìnṣọ́ránsì ilé àti owó orí ilé. Fún àtúnṣe nìkan, ọ̀pọ̀ máa ń ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé sọ́tọ̀ lọ́dún. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40,000 lóṣù. Ohun tó kù jẹ́ 180,000.

3. Òdiwọ̀n kejì

Ìlànà kan wà tí àwọn ayánilówó ti ń lò tipẹ́: kí owó ilé má ju 28 lọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí gbogbo gbèsè pátá má sì ju 36 lọ. Owó oṣù tí wọn ò tíì yọ owó orí nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó fẹjú ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tí owó orí rẹ̀ pọ̀. Èyí tó wù wá jù ni ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó dé ọwọ́ gan-an, fún gbogbo gbèsè. Ìdá kan nínú mẹ́ta 600,000 jẹ́ 200,000. Ẹ yọ gbèsè 30,000 tó wà nílẹ̀, ó ku 170,000.

A ti wá ní iye méjì: 180,000 àti 170,000. Èyí tó kéré ni kí ẹ mú. Nínú ìdílé tí ọmọ pọ̀ sí, iye àkọ́kọ́ ló sábà máa ń kéré, bẹ́ẹ̀ ni báńkì kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa rẹ̀.

4. Láti owó oṣù sí owó tí ẹ máa yá

Ẹ béèrè èlé ọdún kan lọ́wọ́ ayánilówó. Ká ní èlé 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ ṣí Excel tàbí Google Sheets, kí ẹ tẹ èyí:

```
=PV(0.12/12, 240, -170000)
```

0.12 ni èlé ọdún, a pín in sí 12 kó lè di ti oṣù. 240 ni iye oṣù tó wà nínú ọdún 20. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 170000 fi hàn pé owó tó ń jáde ni. Ohun tó máa gbé jáde jẹ́ nǹkan bíi 15,439,000. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn gbàgbé láti pín èlé sí 12. Bí iye tó jáde bá kéré débi tó fi yà yín lẹ́nu, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo oṣù àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Èlé oṣù kan lórí 15,439,000 ju 154,000 lọ. Nínú 170,000 tí wọ́n san, kò tó 16,000 tó dín ojú owó kù. Ìdí nìyí tí fífa ọdún gùn kò fi ń ṣèrànwọ́ tó báwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ fi 360 rọ́pò 240, ìyẹn ọdún 30, ẹ ó rí nǹkan bíi 16,527,000. Owó tí wọ́n rí yá fi 1,088,000 lé sí i, àmọ́ wọ́n á fi ọdún mẹ́wàá sí i san 170,000 lóṣooṣù, èyí tó jẹ́ 20,400,000. Bí èlé bá ga tó báyìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọdún gígùn tàn yín.

5. Ẹ dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Bí àdéhùn bá gbà kí èlé máa yí padà, ẹ fi 3 kún un. Èyí ni iye tí wọ́n á máa san bí èlé bá di 15:

```
=PMT(0.15/12, 240, -15439000)
```

Ó jẹ́ nǹkan bíi 203,300. Owó tó ń ṣẹ́ kù fún wọn kò ju 180,000 lọ, torí náà yóò máa dín ní 23,000 lóṣooṣù. Ẹ máa dín ojú owó kù títí iye tí PMT bá gbé jáde kò fi ní ju 180,000 lọ. Fún tọkọtaya yìí, ó dúró sí 13,600,000. Wọ́n á máa san nǹkan bíi 149,700 ní èlé 12, àti 179,100 bó bá di 15. Iye tí ìdílé yìí lè yá nìyẹn. Bí wọ́n bá fi owó àsansílẹ̀ kún un, tí wọ́n yọ owó agbẹjọ́rò àti ti ìwé ilé, ohun tó kù ni iye ilé tí wọ́n lè máa wá.

Ẹ dán ọ̀kan wò sí i: kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ ọkọ bá dúró? 400,000 nìkan ló ń wọlé. Ìnáwó oṣù láìsí owó ilé jẹ́ 260,000, ìnáwó ọdọọdún 40,000, gbèsè 30,000, ìtọ́jú ilé 40,000, owó báńkì nǹkan bíi 150,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 520,000, wọn ò sì ní lè fi kọ́bọ̀ pamọ́. Owó ń dín ní 120,000 lóṣù. Bí wọ́n bá fẹ́ lè fara dà á fún oṣù mẹ́fà, 720,000 gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti san àsansílẹ̀. Kò yẹ kí owó yìí wọnú àsansílẹ̀, kódà bí olùtajà bá ń kánjú.

Bó bá jẹ́ mọ́tò

Ìṣirò kan náà ni, àmọ́ oṣù tí wọ́n fi ń san án kì í pọ̀, ìtọ́jú mọ́tò sì wúwo. Ẹ yọ epo, ìnṣọ́ránsì, táyà àti mẹkáníìkì kí ẹ tó mọ ohun tó kù. Ẹ rántí pé inú 170,000 kan náà ni owó mọ́tò ti máa jáde. Bí tọkọtaya yìí bá ń san 60,000 lóṣù lórí mọ́tò, owó ilé tí wọ́n lè yá ní èlé 12 yóò fi nǹkan bíi 5,450,000 dín kù. Ẹni tó ń gbèrò méjèèjì, kó kọ́kọ́ parí ti ilé.

Ẹ fara balẹ̀ wo irú èlé tí olùta mọ́tò ń pè. Àwọn kan máa ń gbé èlé lé gbogbo owó tí ẹ yá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, bí ẹ tilẹ̀ ti san ìdajì rẹ̀ padà. Ẹ yá 4,000,000 fún oṣù 48 ní èlé 12 bẹ́ẹ̀: èlé ọdún mẹ́rin jẹ́ 1,920,000, gbogbo rẹ̀ di 5,920,000, iye oṣù kan sì jẹ́ nǹkan bíi 123,333. Èlé 12 tó ń dín kù bí gbèsè ṣe ń dín kù, nǹkan bíi 105,300 ni ì bá jẹ́. Láti mọ èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ní tòótọ́, ẹ tẹ èyí:

```
=RATE(48, -123333, 4000000)*12
```

Ó máa gbé nǹkan bíi 0.2075 jáde, ìyẹn ni pé èlé tí wọ́n pè ní 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kí ẹ tó fi ẹnì kan wé èkejì, ẹ béèrè iye owó oṣù kan, iye oṣù àti owó tí wọ́n máa kà lé yín lọ́wọ́ gan-an, kí ẹ fi àwọn mẹ́ta yìí ṣírò RATE fúnra yín.