Má Dúró Gbọnin Lójú Ìlà Òpin: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lẹ́yìn Eré Sísá

Lọ́jọ́ ìdíje eré sísá àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Kábà, ní Ìsánlú tàbí ní Mọ̀pà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń dákú kì í dákú lórí eré. Ìgbà tí wọ́n bá ti kọjá ìlà òpin ni. Ọmọ á sáré dé, á dúró gbọnin, àwọn èèyàn á yí i ká, “Okun o, okun o.” Òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣú, á sì ṣubú. Àárẹ̀ ni wọ́n máa ń pè é, ṣùgbọ́n àárẹ̀ nìkan kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó padà sọ́kàn ló há sẹ́sẹ̀.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀, àmọ́ agbára yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹ̀jẹ̀ tó dé inú iṣan àbọ̀, ìyẹn iṣan tó ń gbé e padà. Ohun tó ń gbé e gòkè ni iṣu ẹran itan àti ti ẹ̀yìn ojúgun. Bí a bá gbé ẹsẹ̀, iṣu ẹran á fún iṣan àbọ̀ tó wà láàárín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì rú sókè. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan náà á pa dé, kò ní jẹ́ kó ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹni tó dúró láìmira, ìfúnpá inú iṣan àbọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó 90 mmHg. Bó bá ń rìn, á wálẹ̀ sí nǹkan bí 30, torí pé ẹ̀jẹ̀ ń kúrò níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni pé a máa ń fọwọ́ kan àyà ọmọ náà, tí a bá rí i pé ọkàn ń sáré, a ó ní ẹ̀jẹ̀ ń lọ dáadáa. Iye ìgbà tí ọkàn lù kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Iye ẹ̀jẹ̀ tó jáde nínú ìlù kọ̀ọ̀kan ṣe kókó pẹ̀lú. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu ìyẹn: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kún yàrá ọkàn tó kó tó fún pọ̀, bí agbára fífún náà ṣe pọ̀ tó, àti bí ìfúnpá tó ń dènà rẹ̀ nínú iṣan tó wà níta ọkàn ṣe ga tó. Nínú ẹni tó jókòó, yàrá ọkàn á gba bíi mílílítà 120, á ti 70 jáde, 50 á ṣẹ́kù.

Ká ní ọmọ ọdún 17 kan sá 1,500 mítà. Ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 180 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń ti mílílítà 100 jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan: lítà 18 nìyẹn. Ó dúró gbọnin. Iṣu ẹran ò fún iṣan àbọ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sì já wálẹ̀. Agbára ọkàn kò tíì dín, ìfúnpá ìta kò ga. Kíkún nìkan ló kùnà. Bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá já sí 50, tí ọkàn ṣì ń lù nígbà 170, lítà 8.5 ló kù. Ó ju ohun tí ẹni tó jókòó nílò lọ, àmọ́ àwọn iṣan kéékèèké ẹsẹ̀ àti ti awọ ara ṣì ṣí gbayawu nítorí eré àti oòrùn. Ìfúnpá á já, ọpọlọ ò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ tó.

Nítorí náà, jẹ́ kó máa rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ má yí i ká débi tí kò ní ríbi gbẹ́sẹ̀ sí. Bí kò bá lè rìn mọ́, kó dùbúlẹ̀ kó tó ṣubú.

Èyí tó burú jù ni gbígbé ẹni tó dákú dìde, kí ẹni méjì dì í mú lápá, tàbí kí wọ́n gbé e jókòó lórí àga. Ọpọlọ á tún wà lókè, ẹ̀jẹ̀ á tún wà nísàlẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu nígbà tí kò tíì jí. Ó sábà máa ń lajú láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá jí, ẹ má jẹ́ kó fò dìde. Kó kọ́kọ́ jókòó, kó máa mi ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ṣubú nígbà tó ṣì ń sáré, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, torí pé iṣu ẹran rẹ̀ ṣì ń ti ẹ̀jẹ̀ padà nígbà náà. Ọkàn fúnra rẹ̀ ni ká fura sí. Bó tilẹ̀ jí, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá jí, tí kò sì mí dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, nígbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíì sì sáré wá ọkọ̀.