Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa àárẹ̀ irin: ìlà S-N àti igun ṣáàfù

Ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tí ń yí nínú ẹ̀rọ, lè máa gbé ẹrù tí kò tó ìdajì agbára rẹ̀, kí ó sì ṣẹ́ lójijì láìtẹ̀ rárá. Ohun tí ń fa irú ìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àárẹ̀: ẹrù kan náà ń fa irin, ó tún ń tì í, títí ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ ní ibi kan, tí yóò sì máa jẹ irin náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kan pọ̀ ṣẹ́ nítòsí Versailles ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Rankine tí í ṣe ẹnjiníà ará Scotland ti tọ́ka sí igun mímú tí ó wà níbi tí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ti ń tínrín. Síbẹ̀, igun yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń gbàgbé lónìí.

August Wöhler, ẹnjiníà ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì, ni ó fi ọdún púpọ̀ dán irú ọ̀pá wọ̀nyí wò, àyẹ̀wò rẹ̀ ni ó sì bí ohun tí a ń pè ní ìlà S-N. Ní òró àwòrán náà ni S wà, ìyẹn ìfúnpá inú irin, tí a ń fi MPa wọ̀n. Ní ìbú rẹ̀ ni N wà, ìyẹn iye ìgbà tí irin gba ẹrù náà kí ó tó ṣẹ́. Bí ìfúnpá bá ṣe ń dínkù ni ẹ̀mí irin ń gùn sí i, títí ìlà náà yóò fi tẹ́jú ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ìgbà fún irin líle lásán. Ìfúnpá tí ó wà níbi tí ìlà ti tẹ́jú ni a ń pè ní ààlà ìfaradà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé kí ènìyàn ka ìbú àwòrán náà bí ẹni ń ka rúlà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà ojú àárín 100,000 àti 1,000,000 jẹ́ nǹkan bí 316,000, kì í ṣe 550,000. Ẹni tí ó bá ṣi èyí kà yóò máa fún ṣáàfù ní ẹ̀mí tí kò ní. Apá tí ó dà sísàlẹ̀ nínú ìlà náà tún máa ń tàn ènìyàn jẹ, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó rọra sọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé bí ìfúnpá bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i, ìdajì ẹ̀mí irin ti lọ nìyẹn. Ẹ má sì ṣe wá ibi títẹ́jú yìí lórí ìlà alumíníọ̀mù. Kò sí níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi máa ń sọ iye ìgbà tí a bá ń sọ agbára rẹ̀, tí 500,000,000 ìgbà sì wọ́pọ̀.

Àṣìṣe tí ó burú jù, lójú tèmi, ni kí a mú ààlà ìfaradà inú ìwé, kí a sì lò ó fún ṣáàfù gidi bí ó ti wà. Ọ̀pá kékeré tí kò nípọn tó mílímítà 8, tí a fá tí ó ń dán, tí kò ní igun, tí kò ní ihò, ni a fi rí iye inú ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo ṣáàfù kan tí irin rẹ̀ ń já ní 600 MPa, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ pátápátá ní nǹkan bí 350 MPa. A fi ẹ̀rọ léèsì gbẹ́ ẹ láti mílímítà 50 sí 40 níbi tí bíárìn yóò jókòó sí, a sì fi rádíọ́ọ̀sì mílímítà 1 péré, ìyẹn ìwọ̀n bí igun ṣe yí tó, sílẹ̀ ní igun èjìká náà, ibi tí ṣáàfù ti tínrín. Bẹ́líìtì ń fa pọ́lì orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára títẹ̀ tí ó dé èjìká náà jẹ́ 800 N·m. Bí M bá jẹ́ agbára títẹ̀ yìí, tí d sì jẹ́ ìnípọn mílímítà 40 náà, ìfúnpá tí ó bọ́ síbẹ̀ ni:

```
S = 32M / (πd³) = 127 MPa
```

Ẹni tí ó bá fi 127 wé 350 yóò sọ pé ewu kò sí. Ṣùgbọ́n ṣáàfù ń yí, nítorí náà ojú irin tí ń fà nísinsìnyí ni a óò máa tì nígbà tí ó bá yí ìdajì, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìgbà kan lórí ìlà S-N. Ààlà ìfaradà ọ̀pá dídán jẹ́ nǹkan bí ìdajì 600, ìyẹn 300 MPa. Ojú tí léèsì gbẹ́ kò dán tó bẹ́ẹ̀, ó mú un wá sí nǹkan bí 248. Títóbi ṣáàfù náà tún mú un wá sí 208. Lẹ́yìn náà ni igun yóò gba tirẹ̀. Ní èjìká yìí, ìfúnpá ń kó jọ dé nǹkan bí ìlọ́po 2.2, èyí tí a ń kọ ní Kt. Irin kì í sábà gba gbogbo ìlọ́po yìí sínú àárẹ̀, nítorí náà ni a fi ń lo q, ìwọ̀n bí irin náà ṣe ń kíyè sí igun, tí ó jẹ́ nǹkan bí 0.73 níhìn-ín, láti rí Kf, ìyẹn ìlọ́po tí irin gbà gan-an:

```
Kf = 1 + q(Kt − 1) = 1 + 0.73 × 1.2 ≈ 1.88
208 / 1.88 ≈ 111 MPa
```

Ìfúnpá 127 ti kọjá ààlà 111. Bí a bá fi ìlà S-N ṣírò rẹ̀, ṣáàfù yìí yóò ṣẹ́ ní nǹkan bí 380,000 ìyípo. Lórí mọ́tò tí ń yí ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, kò tó wákàtí 5. Ẹ má ka iye yìí sí ohun tí kò lè yẹ̀, nítorí pé irin kan náà, nínú ẹrù kan náà, lè fi ìlọ́po púpọ̀ yàtọ̀ síra nínú ẹ̀mí. Àárín àwọn tí ó ṣẹ́ ni ìlà S-N sábà máa ń gbà kọjá, àwọn kan sì ti ṣẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lo Kf lẹ́ẹ̀méjì. Bí ẹ bá ti fi pín ààlà ìfaradà, ẹ má tún fi ṣe ìlọ́po ìfúnpá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò gbẹ́ ṣáàfù tí ó wúwo láìnídìí.

Nígbà tí ṣáàfù bá ti ṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń ra irin tí ó lágbára jù. Jẹ́ kí a fi èyí tí ń já ní 900 MPa dípò, kí a sì fi igun náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Irin líle máa ń kíyè sí igun ju irin rírọ̀ lọ, àpá léèsì sì máa ń pa á lára jù. Owó púpọ̀ ni a óò fi ra ààlà tí kò ju 141 MPa lọ. Bí a bá mú irin àkọ́kọ́, tí a kàn sọ rádíọ́ọ̀sì igun náà di mílímítà 4, Kf yóò bọ́ sí 1.51, ààlà yóò sì di 138 MPa, tí ó ju 127 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin olówó gọbọi náà dọ́gba, irinṣẹ́ léèsì nìkan ni a sì yí padà. Èyí ni ó ń dùn mí jù lọ, pé a ń náwó sórí irin nígbà tí igun ni ó ń pa ṣáàfù.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ dáadáa. Bí àárẹ̀ bá ni, ẹ óò rí apá kan tí ó tẹ́jú, tí àwọn ìlà rírọra tẹ̀ síra wọn lórí rẹ̀, àti apá kan tí ó rí gbágungbàgun níbi tí ó ti já nígbẹ̀yìn. Bí apá gbágungbàgun náà bá kéré, ẹrù kò pọ̀ jù. Bí ẹ̀là bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ibi púpọ̀ yí etí ṣáàfù ká, igun tàbí àpá irinṣẹ́ ni kí ẹ fura sí.

Rádíọ́ọ̀sì mílímítà 4 kì í sábà bá bíárìn mu, nítorí igun bíárìn fúnra rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá fi bíárìn náà tì í, igun náà kò ní jẹ́ kí ó jókòó sí èjìká. Òrùka irin kan ni kí ẹ fi sí àárín bíárìn àti èjìká, kí ẹ sì gé inú òrùka náà kí igun ńlá yẹn lè ráyè.