Bóòtì líle kọ́ ni ìsopọ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ ìfún-epo yìí nílò

Owó tí wọ́n ná lórí bóòtì ẹ̀rọ ìfún-epo kan ní Kétu ṣì ń bí mi nínú, nítorí pé kò sídìí kankan tó fi yẹ kí wọ́n ná an. Bí ẹ̀rọ bá ti há báyìí, bóòtì tó so àwo méjèèjì pọ̀ láàárín àpótí jíà àti ẹ̀rọ á já. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n lọ ra èyí tó le jù ní Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí. Lóòótọ́, bóòtì kò já mọ́. Ṣùgbọ́n ihò àwo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, kilafẹ́ẹ̀tì, irin onígun mẹ́rin tó há sáàárín ọ̀pá àti ọrùn àwo, sì ń wọ́ nínú ojú ihò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá fún mi.

Mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Mótò jẹ́ 11 kW, jíà dín eré rẹ̀ kù títí ọ̀pá fi ń yí ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bóòtì M10 mẹ́rin, oríṣi 4.6 tó rọ̀ ju 8.8 lọ, ló wà tẹ́lẹ̀ lórí òbìrí tó fẹ̀ ní 130 mm, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àárín ọ̀pá ní 65 mm. Nínú ìṣírò yìí, T ni agbára ìyí, F ni agbára tó ń ti bóòtì kọ̀ọ̀kan, 78.5 sì ni fífẹ̀ ojú gígé ara bóòtì ní mm².

```
T = 9550 × 11 / 100 = 1050 N·m
F = 1050 / (4 × 0.065) = 4040 N
4040 / 78.5 = 51 N/mm²
```

51 yìí ni ìnira tó ń gé ara bóòtì kọ̀ọ̀kan. Bóòtì 4.6 kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ àfi tí ìnira ìgé bá tó nǹkan bí 138. Kódà bí ẹ̀rọ bá há, tí agbára ìyí sì di ìlọ́po méjì, 102 ni. Kí ló wá ń gé e?

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti dúró pẹ́ jù. Àkọ́kọ́, ojú okùn bóòtì ló bọ́ sí ibi tí àwo méjèèjì ti pàdé, kì í ṣe ara rẹ̀ tó dán. Níbi ojú okùn, irin tó kù kò ju 58 mm² lọ, nítorí náà 51 di 70. Èkejì ló burú jù: ihò tí wọ́n lu jẹ́ 12 mm fún bóòtì 10 mm. Àwo á kọ́kọ́ sún títí àwọn bóòtì tó bá kọ́kọ́ kan ògiri ihò á fi máa dá gbogbo ẹrù gbé. Bó bá jẹ́ méjì péré ló ń fà, 70 di 139. Nígbà tí ẹ̀rọ bá há, ó di 279. Ẹ tú bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ wò wọ́n: lára méjì, ẹ ó rí àpá tó ń dán, lára méjì yòókù, ìpẹtà àti gíríìsì ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rí.

Bóòtì 8.8 ò tún ihò ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kò já, ó kàn ń lu ògiri ihò ni.

Mo ní kí wọ́n lu ihò mẹ́rin tuntun sáàárín àwọn ti àtijọ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù fẹ́ lu àwo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó ní òun ti wọn ibi tí òun máa lu. Mi ò gbà, a sì jọ fà á pẹ́. Bí ihò kan bá yẹ̀ ní ìdá díẹ̀ nínú 1 mm, a ti padà sídìí ìṣòro kan náà. Ẹ di àwo méjèèjì pọ̀, kí ẹ lu wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú 11.8 mm, kí ẹ wá fi alẹsúwà 12 mm, irin tó ń mú ihò pé pérépéré, fá a. Ẹ sàmì sí etí àwo méjèèjì kí wọ́n lè padà sí ipò kan náà. Fún bóòtì, M14 oríṣi 4.6 la rà, a gé ara rẹ̀ di 12 mm tó há dáadáa sínú ihò, a sì gé ojú okùn M12 sí ìparí rẹ̀, kí ara tó dán lè la àwo méjèèjì já. Ìnira rẹ̀ báyìí jẹ́ 36, kò sì ju 72 lọ bí ẹ̀rọ bá há. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an: bóòtì olówó pọ́ọ́kú ló ń ṣe é.

Ó ku kilafẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá náà jẹ́ 50 mm, kilafẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ 14 sí 9 mm. Agbára tó ń tì í lára ọ̀pá tó 42,000 N. Ọrùn àwo gùn ní 70 mm, ṣùgbọ́n 40 mm péré ni wọ́n gé irin náà sí! Ìnira ìgé rẹ̀ jẹ́ 75, kò burú. Èyí tó ń tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìṣòro, nítorí pé 4.5 mm péré ló wọ inú àwo: 42,000 lórí 180 mm² jẹ́ 233, ó sì di 467 bí ẹ̀rọ bá há. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ fi wú, tí ìyẹ̀fun pupa sì ń jáde létí ọrùn. Ní 70 mm, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 133. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó, ẹ yọ 14 mm kúrò nínú gígùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣírò, torí orí róbótó yẹn kò tẹ ohunkóhun.