Bí A Ṣe Ń Sọ Àwòrán Géètì Di Fọ́múlà Búlíánì, Tí A Sì Ń Gé E Kúrú

Géètì ni ẹ̀yà iná kékeré tó ń gba 0 tàbí 1 wọlé, tó sì ń gbé 0 tàbí 1 jáde. Apá ọ̀tún, níbi tí èsì ti ń jáde, ni ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán géètì sábà máa ń lọ. Apá òsì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn lẹ́tà ti ń wọlé, kí a sì kọ ohun tó jáde nínú géètì kọ̀ọ̀kan sórí wáyà rẹ̀ kí a tó kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwòrán kan tó ní lẹ́tà 3, A, B àti C, pẹ̀lú géètì 4. A àti B wọ inú NAND, B àti C wọ inú NOR, èsì àwọn méjèèjì sì pàdé nínú OR. Èsì OR yìí àti A fúnra rẹ̀, tí wáyà rẹ̀ ti yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ló wá wọ inú AND tó gbé èsì ìkẹyìn, F, jáde. Níbi tí wáyà bá ti yà sí méjì, a gbọ́dọ̀ rí ààmì tóótó dúdú kan. Bí wáyà méjì bá kàn ré ara wọn kọjá láìsí tóótó, wọn kò so pọ̀.

AND ń gbé 1 jáde nígbà tí gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ bá jẹ́ 1 nìkan, OR sì ń gbé 1 jáde bí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ 1. Ẹ̀yìn géètì AND máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ti OR sì máa ń tẹ̀ wọnú. Òbìrìkítí kékeré tó bá wà lẹ́nu géètì ló sọ AND di NAND, tó sì sọ OR di NOR: ó ń yí èsì padà, kí 1 di 0, kí 0 sì di 1. Ààmì ' la ó fi kọ ìyípadà yìí, · ni ti AND, + sì ni ti OR. Bí a bá sọ èsì àwọn géètì náà ní P, Q, R àti F, ohun tí a ó kọ sórí wáyà nìyí:

```
P = (A·B)'
Q = (B + C)'
R = P + Q
F = A·R
```

Nígbà tí a bá wá fi ohun tí P, Q àti R dúró fún rọ́pò wọn, láì yọ àkámọ́ kankan, fọ́múlà àwòrán náà ni èyí:

```
F = A·((A·B)' + (B + C)')
```

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ la dé yìí. Òfin tí a fi orúkọ Augustus De Morgan pè sọ pé bí ' bá wọ inú àkámọ́, yóò bọ́ sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n · yóò di +, + yóò sì di ·. Apá kejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

```
F = A·(A' + B' + B'·C')
```

Ẹ wo B' + B'·C' dáadáa. Bí B' bá jẹ́ 1, àpapọ̀ náà ti di 1 láì retí C. Bí B' bá jẹ́ 0, B'·C' náà di 0. B'·C' kò fi nǹkan kan kún un, nítorí náà a yọ ọ́ kúrò, C sì bá a lọ pátápátá.

```
F = A·(A' + B')
F = A·A' + A·B'
F = A·B'
```

A·A' pòórá nítorí pé A àti òdì rẹ̀ kò lè jọ jẹ́ 1 lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a tó gbà á gbọ́, a ó yẹ ìlà 8 tí lẹ́tà 3 lè bí wò, nínú fọ́múlà gígùn àti nínú kúkúrú. Ìlà 2 péré ló gbọ́dọ̀ fún wa ní 1: èyí tí A jẹ́ 1 tí B jẹ́ 0, yálà C jẹ́ 0 tàbí 1. Ẹni tó bá kọ A'·B' dípò A' + B' yóò bá ara rẹ̀ níbi A·B'·C'. Ìlà tí A jẹ́ 1, B jẹ́ 0, C jẹ́ 1 ni yóò tú u fó, nítorí àwòrán sọ pé 1, fọ́múlà tirẹ̀ sì sọ pé 0.

Fọ́múlà tó kúrú jù kì í sì í ṣe èyí tó rọrùn jù láti tò nígbà gbogbo. A·B' ń fẹ́ NOT kan, géètì tó kàn ń yí ohun tó wọ inú rẹ̀ padà, àti AND kan, èyí tó lè jẹ́ ṣíìpù méjì, 7404 fún NOT àti 7408 fún AND. Ṣùgbọ́n A·(A·B)' náà ń fún wa ní èsì kan náà, NAND 3 sì tó fún un: èkíní gba A àti B, èkejì gba A àti èsì èkíní, ẹ̀kẹta sì gba èsì èkejì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti yí i padà. NAND 4 ló wà nínú ṣíìpù 7400 kan ṣoṣo.